Ohùn Mọ́mì Lẹ́nu Géètì

Nínú ọgbà tírélà kan ní Creek Road, àwọn awakọ̀ máa ń dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n kan láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó jáde. Fíìmù kékeré kan ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wo lọ́ọ̀kì, ìyẹn àwọn ìdè irin mẹ́rin tó ń di kọntéínà mọ́ orí tírélà, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò tí wọ́n fi sẹ́yìn àwòrán náà dùn gan-an. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì, wọ́n á máa fi bọ́ọ̀lù àná bú ara wọn.

Nígbà òjò, kọntéínà kan yẹ̀ lórí ọkọ̀ ní kọ́nà, kò jìnnà sí ọgbà náà. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀kì méjì ni awakọ̀ náà kò dè, obìnrin tó ń ṣọ́ géètì ló sì ṣí i fún un. Àgbàlagbà ni obìnrin yìí, Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọ̀gá ọgbà pé kí wọ́n ṣe fíìmù tuntun, kí òun sì sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, torí ohùn òun ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lójoojúmọ́. Ọ̀gá gbà. Ṣùgbọ́n ó ní bí ó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí àwọn awakọ̀ kò bá fetí sí i, ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n á máa lò lọ.

Èmi ni wọ́n pè láti kọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ajégúnlẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, pẹ̀lú fóònù: mo máa ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà fún mi, màá wá jókòó, màá máa fi ìlà sí ibi tí wọ́n ti mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ kì í kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú èémí kan. Á sọ díẹ̀, á sinmi, á wo ojú rẹ bóyá o ti gbọ́. Mo tún mọ̀ pé nínú èdè tiwa, èèyàn ò lè kàn gbé ohùn sókè níbi tó bá wù ú kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Ọ̀rọ̀ náà lè di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a ṣe ń yára, bí a ṣe ń dúró, àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi “ná” àti “o”, ibẹ̀ ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ wà.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kọ ránṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé, torí mo rò pé ohùn Mọ́mì á tún un ṣe. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyí: “Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan tó gbé ọkọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà, ó jẹ́ dandan fún un láti rí i dájú pé ìdè irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní igun kọntéínà ni ó ti dè dáadáa.”

A kọ́kọ́ gbìyànjú nínú kọntéínà tó ṣófo, torí ariwo ọgbà. Irin ń dá ohùn padà bíi pé inú kànga la wà. Mo bá ní ká lọ sínú orí tírélà kan tí wọ́n páákì, ìyẹn ibi tí awakọ̀ máa ń jókòó. Ibùsùn awakọ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, fóòmù sì máa ń gbé ariwo mì. A ti fèrèsé, a pa ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ tó ni ọkọ̀ náà kò gbà láti sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ń dúró de ẹrù òun.

Mọ́mì gbé ìwé sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Amukoko, òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bó ṣe ń kà á níbẹ̀ náà ló ṣe ka tèmi: ohùn gòkè díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, títí ó fi balẹ̀ níparí. Nígbà tó parí, awakọ̀ náà tẹrí ba.

Ó ní, “Àmín.”

Mọ́mì yí sí i. “Ìwọ. Wọ́n ní kó o sọ̀ kalẹ̀, o ò sọ̀ kalẹ̀. O ti wo lọ́ọ̀kì ẹ lónìí?”

“Mo ti wò ó, Mọ́mì.”

“Iwájú lo wò. Ẹ̀yìn ńkọ́?”

Ohùn tí mò ń wá ti sọ̀rọ̀, ìwé sì wà lórí itan Mọ́mì nígbà náà. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó bá awakọ̀ náà wí lọ, bó ṣe máa ń bá wọn wí ní géètì, kí èmi sì máa gbà á sílẹ̀.

Mo gbé ohùn yẹn dé ilé. Ibi tó bá ti mí ni mo ti gé ìlà. Èémí kan, ìlà kan. Mo fi “ẹ” rọ́pò “o”, torí àwọn àgbà wà láàárín àwọn awakọ̀. Ohun tí ojú máa rí nínú àwòrán, mi ò sọ ọ́ mọ́; níbi tí ọwọ́ ti ń yí apá lọ́ọ̀kì, mo kọ “dákẹ́” síbẹ̀. Mò ń ka ohun gbogbo sókè. Ibi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀, mo mọ̀ pé ìwé ni mò ń kọ níbẹ̀, mo tún un kọ. Ó di báyìí:

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná.
Igun mẹ́rin ni.
Ẹ yí apá ẹ̀ dé òpin.
Tí ò bá dé òpin, kò tíì dè.
Ẹ ti wo iwájú.
Ẹ̀yìn ńkọ́?

Ọ̀gá kà á, ó ní ó ti kúrú jù, àti pé gbólóhùn kan láti ọ́fíìsì lórí ìyà tó wà fún ẹni tó bá rú òfin kò gbọ́dọ̀ má sí níbẹ̀. Ìlà mẹ́ta gbáko ni gbólóhùn yẹn. Mi ò bá a jiyàn. Mo bi Mọ́mì bó ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn. Ó ronú, ó ní: “Ẹ má yọ́ jáde o. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ò ní wakọ̀ mọ́, títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ yín.” Ọ̀gá fi èyí wé ti ọ́fíìsì, kò rí ohun tó sọnù.

A padà sínú ọkọ̀. Mo ní kí Mọ́mì fi ojú mú ìlà kan, kó gbójú kúrò nínú ìwé, kó wá sọ ọ́ fún awakọ̀ náà, kó tó lọ sí èyí tó kàn. Awakọ̀ náà gbà pé orí nìkan lòun á máa mì. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbàgbé, tó dáhùn, a sì tún un ṣe. Nígbà tí mò ń tún ohùn náà tò, ọ̀gá ní kí n yọ gbogbo ibi tí Mọ́mì ti mí. Mo yọ àwọn tó pariwo jù. Èyí tó ṣáájú “Ẹ̀yìn ńkọ́?”, mo fi sílẹ̀, mo ní bí wọ́n bá fẹ́ yọ ìyẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan ṣì ń sọ̀rọ̀. “Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná,” ni ohùn náà wí, ẹnì kan sì bojú wẹ̀yìn, ó rò pé Mọ́mì dúró síbẹ̀. Ariwo dínkù. Nígbà tí ohùn náà béèrè ti ẹ̀yìn, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn.

“Mọ́mì, mo ń lọ wò ó.”

Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti ń rìn lọ sẹ́yìn tírélà rẹ̀, mo sì rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì yí apá lọ́ọ̀kì náà dé òpin. Méjì nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e, oníkálukú sí ìdí ọkọ̀ tirẹ̀.