Lẹ́ẹ̀dì àti Ohùn Ìyá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Rédíò ló ń tún ṣe, Lẹ́ẹ̀dì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí òjé tó ń yọ́ fi lẹ wáyà. Òórùn rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu tó yẹ kí àwa méjèèjì jọ pín, èmi nìkan ni mo gbà á, inú mi kì í sì í pẹ́ ru. Mo jọ ìyá wa ni. Ẹja ni Màámi tà títí wọ́n fi dàgbà, bí wọ́n bá polówó ẹja lójú títì, ẹni tó ń sùn ní òpópónà kejì á dìde jókòó.

Nígbà tó yá ni àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màámi, ó sì kó ohùn náà lọ. Apá òsì kò ní agbára mọ́, àfi kí wọ́n rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé nǹkan. Yàrá ẹ̀yìn la tẹ́ wọn sí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi a máa tì í kí èéfín òjé má baà dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ọmọ tó mọ ìtọ́jú ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa bínú sí i.

Òun ló ṣe agogo fún Màámi. Ó gbé irin pẹlẹbẹ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì wọn, ó fa wáyà wọn gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí orí tábìlì rẹ̀, síbi taransísítọ̀ kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo bi í pé kí nìyẹn ń ṣe níbẹ̀.

“Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní,” ó ní. “Iná agogo fẹ́ gba ẹsẹ̀ kan wọlé kó gba èkejì jáde. Ẹsẹ̀ kẹta ni aṣọ́nà. Bí aṣọ́nà ò bá rí iná kankan, ọ̀nà ti pa. Bí Màámi bá gbọ́wọ́ lé irin méjèèjì, iná bíńtín á gba ara wọn kọjá dé ọ̀dọ̀ aṣọ́nà, ọ̀nà á sì ṣí gbayawu.”

“Tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ gan-an ńkọ́?”

“Ohun tó ti ṣí tán, ṣé ó tún lè ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ó dún tàbí kò dún. Kò sí àárín.”

Agogo náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá ti dún, ẹ̀gbọ́n mi á ṣílẹ̀kùn, á wọlé, á béèrè. “Omi ni, Màámi?” Wọ́n á mi orí pé rárá. “Ṣé kí n gbé ìrọ̀rí sókè?” Wọ́n á tún mi orí. Ètè wọn á máa mì, àwa méjèèjì á tẹ etí sílẹ̀, èémí lásán la máa ń gbọ́. Nígbà tó bá sú u, á jáde, á fa ilẹ̀kùn dé. Kò ní pẹ́ kí agogo tún dún.

Dókítà ti sọ fún wa pé ọkàn Màámi ti rẹ̀, kí a má retí pé yóò pẹ́. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Ìyá tó ń pe ọmọ lemọ́lemọ́ báyìí ní ọ̀rọ̀ kan nínú, bí wọ́n bá sì gbé e lọ, kò sẹ́ni tó máa bá wa dá a padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò gbọ́wọ́ lé irin mọ́. Wọ́n kàn kọjú sí ògiri.

“Agogo rẹ ti sú wọn,” ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ náà sì le ju bí mo ṣe rò ó lọ.

Ó lọ tú máíkì kékeré lára tẹlifóònù àtijọ́ kan, ó yọ irin méjèèjì kúrò, ó so máíkì sí ẹsẹ̀ aṣọ́nà. Ó yọ agogo náà, ó fi rẹsísítọ̀ kan, ohun tó ń dín iná kù, rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ ló ti fa wáyà lọ sí ohun àfisétí. Mo gbé máíkì sún mọ́ ètè Màámi. Ètè wọn mì, ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún gbìyànjú. Ó yọ ohun náà kúrò létí, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ohùn ti tán nínú wọn,” ó ní. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ìgbà yẹn ni Màámi wúkọ́, ohun àfisétí tó gbé sórí tábìlì sì dún kà.

“Kí ló wá gbọ́ ikọ́?” ni mo fi ìbínú bi í.

Ó fa mítà tó fi ń wọn iná jáde, ó fi kan ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé: gbogbo agbára bátìrì ló wà níbẹ̀ digbí, ìyẹn ni pé iná kankan kò kọjá. “Bí mo ṣe to agogo ni mo ṣe to èyí,” ó ní. “Mo ti ọ̀nà pa, mo wá ní kí ẹni tí kò lókun ti ilẹ̀kùn ṣí. Ikọ́ lágbára tó o. Ọ̀rọ̀ wọn ò tó o.”

Àṣìṣe tẹ́ni tó ń fi rédíò jẹun kò gbọdọ̀ ṣe nìyẹn, ó sì mọ̀. Ó lẹ rẹsísítọ̀ kan láti ara bátìrì sí ẹsẹ̀ aṣọ́nà, kí iná díẹ̀ máa wọ ibẹ̀ ṣáá. Mítà já wálẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dé òdo. “Ó ti ṣí jù. Kò níbi tó tún lè lọ.” Ó fi èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, iná aṣọ́nà dín kù, mítà sì dúró sí ìdajì bátìrì. “Ó ṣí dé àárín báyìí. Bí ohùn bá gòkè díẹ̀, iná ńlá á gòkè tẹ̀ lé e. Bó bá rọlẹ̀ díẹ̀, òun náà á rọlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ náà ló máa jáde, á kàn tóbi sí i.”

Ó fi sétí. Mo rí i tí ara rẹ̀ dúró gbagidi. Ó yọ ọ́, ó fi sí etí mi. Mo gbọ́ èémí ìyá mi bí ẹni pé mo tún wà lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́.

“Ilẹ̀kùn yẹn. Sọ fún un kó yé tì í. Mo fẹ́ máa rí i níbi iṣẹ́ rẹ̀.”

Gbogbo agogo yẹn, ìyẹn náà ni. Ìgbà tó bá wọlé láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, ilẹ̀kùn ti ṣí. Bó bá jáde, á tún fà á dé. Mo sunkún, mi ò fi pamọ́.

Ó gbé tábìlì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí èéfín òjé lè máa gba ibẹ̀ jáde, ó fi bíríkì kan di ilẹ̀kùn mú. Láti ọjọ́ náà, ohun àfisétí ò kúrò létí rẹ̀. Mo ń ráhùn pé bátìrì ń tètè kú, bẹ́ẹ̀ agogo kì í jẹ bátìrì.

“Agogo máa ń sùn ni bí ẹnikẹ́ni ò bá pè,” ó ní. “Èyí kì í sùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun kékeré á máa jẹ bátìrì, kódà nígbà tí wọ́n bá dákẹ́.”

Màámi kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ojú wọn wà lára ẹ̀yìn ọmọ wọn. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀, ó ti gbọ́ ibi tí èémí dá sí. A sin wọ́n, àwọn èrò lọ, ó padà sídìí tábìlì, ó tún fi ohun náà sétí. Mi ò bá a wí. Máíkì ṣì wà lórí ìrọ̀rí. Ó ń ṣiṣẹ́ rédíò àwọn èèyàn, ó ń gbọ́ yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sí, títí bátìrì náà fi kú.

Ó na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀ tí bátìrì tuntun wà. Ó dúró. Ó pa dúrọ́ọ̀ náà dé, ó ń bá iṣẹ́ lọ, kò sì gbé bíríkì náà kúrò.