Àṣẹ Tí Bàbá Ajíbóyè Fẹ́ Fún Amos

Títí dòní ni ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú. Amos, bàbá àwọn ọmọ mi, ń ṣe ẹ́jẹ́ǹtì ilé l'Óṣogbo. Lọ́dún 1955, Bàbá Ajíbóyè, àgbẹ̀ kòkó láti Ifẹ̀wàrà, kọ́ ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ sí Òkè Baálẹ̀, ó sì fi í lé Amos lọ́wọ́. Níṣojú mi ni Amos ti là á yé e: "Màá wá ayálégbé, màá gba owó ilé, màá já rìsíìtì. Ṣílè méjì ni tèmi nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbà. Ẹ̀yin lẹ ó dá iye owó ilé. Mi ò gbọdọ̀ dín in láìbi yín." Bàbá ní ó dára.

Kò pẹ́ tí àwọn ayálégbé kó wọlé ni Bàbá padà dé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ yàrá Susannah, aránṣọ tí kò jẹ gbèsè kankan. Ó ní kí Amos lọ ṣí páànù orí yàrá náà, kí obìnrin yẹn lè sá jáde.

"Ṣebí èmi ni mò ń sanwó fún ọ!"

Amos fara ya. "Owó iṣẹ́ lẹ̀ ń san, kì í ṣe owó jàǹdùkú! Ẹ fún un ní nótíìsì. Bó bá kọ̀, kóòtù ló lè lé e. Àṣẹ tí ẹ̀yin gan-an ò ní, báwo lẹ ṣe fẹ́ fún mi?"

"Ilé ta ni?"

"Ilé yín ni, bàbá. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn, ti Susannah ni."