Ọdún Gbọ́dọ̀ Wà Lókè

Nígbà tí ìjọba dín òṣìṣẹ́ kù, ó ku Leah àti Màríámù nìkan nínú yàrá ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ìlera kan ní Àkúrẹ́. Ọdún 1988. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá orúkọ òun ló kàn. Leah kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́. Kì í ṣàìsàn. Kì í ṣàṣìṣe. Ọmọ mẹ́rin, ọkọ tí wọ́n ti dá dúró níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣàṣìṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá Rufus gbé àtẹ kan wá. Iye ọmọ tí wọ́n bí ní ilé ìgbẹ̀bí márùn-ún lágbègbè Oǹdó, láti 1983 dé 1987. Àwọn ọdún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Orúkọ àwọn ilé ìgbẹ̀bí wà lókè.

"Yí i padà," ó ní. "Ọdún ni kó wà lókè. Kí ilé ìgbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí ojú lè máa tẹ̀ lé e láti ọdún dé ọdún. Ọ̀sán yìí ni mo máa kà á l'Óǹdó. Èyí tí ọmọ ibẹ̀ bá ń dín kù, títì la máa tì í."

Leah tẹ̀ ẹ́. Ọdún lókè, orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo aago. Ó wo iye àkọ́kọ́ ní igun òkè, ó wo ti ìparí ní igun ìsàlẹ̀. Méjèèjì bá àkọsílẹ̀ tó gbé wá mu. Ó fọwọ́ sí i, ó mú un wọ ọkọ̀ lọ.

Màríámù ló ní kí àwọn ka ẹ̀dà tó kù kó tó wọ fáìlì. Ó gbé àkọsílẹ̀ dání, Leah gbé ẹ̀dà. Màríámù kò bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ àkọ́kọ́; èyí tí ojú rẹ̀ bà ló kà.

"Òkè-Ọ̀dán, 1983: mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Leah wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Igba ó lé márùn-ún.

"Tún un kà."

"Ìyá Bímbọ́lá, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo wí."

Leah fi ẹ̀dà ti àkọsílẹ̀, ó ń wò wọ́n ní ìlà ní ìlà. Orúkọ àti ọdún nìkan ló pààrọ̀ ààyè. Ó fi àwọn iye sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ọdún márùn-ún, ilé ìgbẹ̀bí márùn-ún: kò sí àyè tó ṣófo tí ì bá fi fura. Kìkì àwọn iye tó dábùú láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ló wà níbi tó yẹ. Àwọn igun tí Ọ̀gá wò gan-an.

Nínú àkọsílẹ̀, Òkè-Ọ̀dán gòkè láti mọ́kànlélọ́gọ́ta dé àádóje ní ọdún márùn-ún. Nínú ìwé Leah, ìlà ọdún 1986 ló jókòó síwájú orúkọ rẹ̀: igba ó lé márùn-ún níbẹ̀rẹ̀, àádọ́ta níparí. Bí ilé tó ń kú lọ.

"Ẹ dákẹ́," Màríámù ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Wọ́n á tì í lónìí."

"Tẹ́ ẹ bá sì lọ sọ ọ́, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ tẹ̀ lé e?"

Leah ti mú àkọsílẹ̀. Ó ti mú báàgì.

Bọ́ọ̀sì Oǹdó kò yára. Ní Ọ̀wẹnà, awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹ̀wà jẹ. Leah na ọrùn, ó ní kó jọ̀ọ́, kó máa bọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wà á ni? Kọ́kọ́rọ́ rèé o!"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Leah kò lè rẹ́rìn-ín.

Nínú gbọ̀ngàn ní Oǹdó, Ọ̀gá ti dé orí Òkè-Ọ̀dán. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Ọlọ́runfúnmi, dìde dúró.

"Ẹ má bínú sà, mi ò gbẹ̀bí igba ọmọ lọ́dún kan rí. Yàrá méjì la ní! Ṣé orí òrùlé ni wọ́n ń bí ìyókù sí?"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, iye tó wà nínú ìwé ni mo ń kà."

"Ìwé yẹn kò tọ̀nà, sà." Leah, lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo yí orúkọ, mi ò yí iye."

Gbogbo ojú yí sí i. Ó gbé àkọsílẹ̀ lọ bá a. Ọ̀gá fi ìka sórí Òkè-Ọ̀dán, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Àádọ́rùn-ún. Méjìléláàádọ́fà. Àádóje. Nọ́ọ̀sì Ọlọ́runfúnmi jókòó gbì, ó fi ìborí nu ojú.

Wọ́n yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní ilé ìwé tó wà nítòsí. Leah jókòó tì í. Ọ̀gá fà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ajé, wàá kọ àlàyé."

"Mo gbọ́, sà."

"Èmi náà máa kọ tèmi. Ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Leah kò mọ̀ bóyá ìyẹn á gba òun là. Ó ki ìwé tuntun bọ ẹ̀rọ.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí àkọ́kọ́, sà," ó ní. "Ẹ máa kà á sísàlẹ̀. Èmi á máa tẹ̀ ẹ́ lọ sápá ọ̀tún."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà.