Oògùn Tí Mo Ń Dì fún Bàbá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi ti kíndìnrín bàbá mi sí kòtò, ǹ bá ti bú onítọ̀hún títí dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Òkèrèwè! Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "Dókítà"! Mi ò kì í ṣe dókítà o, oògùn ni mò ń tà, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má pè mí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, kí n má parọ́.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ó ti mọlé káàkiri Ifẹ̀, dé Modákẹ́kẹ́, dé Ìpetumodù, kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ta ni yóò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fà á? Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù, ṣé ijó lẹ fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa jó ni? Mo ní, "Bàbá, làkúrègbé ni." Mo di oògùn fún un bí mo ṣe ń dì í fún gbogbo èèyàn: dáíkílò fún ara ríro, oògùn ẹ̀jẹ̀, fítámì, gbogbo ẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré kan, àárọ̀ àti alẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dì í. Bí ìrora bá rọlẹ̀, á tún dé, èmi náà á sì fi kún un. Ó ń rẹ̀ ẹ́, mo ní ọjọ́ ogbó ló dé. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, kò rí ìgbẹ́ yà mọ́, ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ. Ṣòkòtò tó ṣe rẹ́gí lára rẹ̀ lọ́dún tó kọjá wá ń gbálẹ̀ kiri, àwa sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣòkòtò náà ló ń ga sí i. Kò sẹ́ni tó rò ó pé òun gan-an ló ń kúrú.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, ó gbé bùtá omi. Apá rẹ̀ ṣẹ́. Apá tó ti gbé búlọ́ọ̀kù láìmọye, bùtá ló ṣẹ́ ẹ! Igbe tó ké ni mo gbọ́ tí mo fi já ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

A gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ya àwòrán apá, wọ́n ya ti ẹ̀yìn àti ti orí. Dókítà kan, obìnrin, ọmọdé ni lójú mi, fi àwòrán náà hàn wá: ihò wẹ́wẹ́ káàkiri inú egungun, bí igi tí kòkòrò ti jẹ. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ méjì ti rún wọlé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ní kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó bi bàbá mi pé, "Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

Bàbá mi wo ojú mi. Àwọn àbúrò mi méjèèjì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Kò sí o, ọmọ mi. Panadóòlù ni, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó ń bò mí láṣìírí ni. Èmi ńkọ́? Mo dákẹ́ fọ́ọ́. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi! Ojú ń tì mí, ìyẹn lòótọ́ ibẹ̀. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìrora náà le, bàbá mi rọra bẹ̀ mí pé kí n bá òun mú díẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Mo mú un wá. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Wọ́n gún egungun ìbàdí rẹ̀, wọ́n fa mùdùnmúdùn jáde lọ ṣàyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà náà jókòó létí ibùsùn. Ó ti mọ̀ pé bíríkìlà ni bàbá. Ó ní, "Bàbá, inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé, pílásímà ni wọ́n ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣe ohun ìjà tí ara fi ń bá àìsàn jà. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣìnà, tó ń bí irú ara rẹ̀, tí wọ́n fi kún ibẹ̀, tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò ráyè mọ́. Jẹjẹrẹ ni. Mayẹlómà lorúkọ rẹ̀."

Bàbá mi ní, "Egungun tèmi ńkọ́?"

"Nínú egungun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń wó èyí tó ti gbó, àwọn kan ń mọ tuntun. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ yìí ń mú kí àwọn tó ń wó o ṣiṣẹ́ láṣejù, wọ́n sì ń dá àwọn tó ń mọ ọ́n dúró."

Bàbá mi mi orí. "Ilé á wó nìyẹn."

"Ẹfun egungun tó ń wó ló ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló ń fa òùngbẹ. Ohun ìjà tí kò wúlò tí wọ́n ń ṣe sì ń lọ sínú kíndìnrín, ó ń dì nínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín ibẹ̀ bí ìgbà tí sìmẹ́ńtì bá dì sínú páìpù." Ó wá kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti dé la ti ń fún wọn lómi, kíndìnrín yìí sì ń burú sí i. Kò yé wa. Bó bá rí báyìí lọ́la, ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ ṣáà rí i pé wọn ò fẹnu kan oògùn ara ríro bíi dáíkílò. Ó lè pa kíndìnrín báyẹn pátápátá."

Mo na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo yọ ọ̀rá náà, mo gbé e sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Èmi ni. Oṣù mẹ́jọ. Mo tún mú un wá síbí." Ẹkún gbà mí lẹ́nu.

Inú bí bàbá mi. "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Mo ti ní kò sí!"

Dókítà náà kò pariwo mọ́ mi, bó bá tiẹ̀ pariwo ni ì bá sàn. Ó ní, "Àrùn yẹn ló kọ́kọ́ mú kíndìnrín. Oògùn yìí ló bá a tì í. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ lónìí." Ó kó ọ̀rá náà lọ.

Wọ́n fún un lómi sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí awọ ikùn àti oògùn tó ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n fi irin ti apá rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, a ò dé ìdí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò padà tán. Dókítà sì sọ ọ́ fún wa láìfi bò pé àrùn náà kì í lọ pátápátá, wọ́n kàn ń tì í sẹ́yìn ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti délé, ìrora ẹ̀yìn gbé e dìde lórí ibùsùn. Ó ti lo èyí tí ilé ìwòsàn fún un, àkókò òmíràn kò tíì tó. Ó ní, "Fún mi ní tìẹ, ẹyọ kan péré."

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

"Ṣé o ò kì í ṣe dókítà mi mọ́ ni?"

"Mi ò jẹ́ dókítà yín rí, Bàbá. Ọmọ yín ni mí."

Ó wò mí títí, kì í ṣe tìbínú, bíi pé ó ń wá ẹni tó máa ń gbà fún un lójú mi. Lẹ́yìn náà ó kọ ojú sí ògiri. Mo bu omi fún un, mo sì dúró tì í pẹ̀lú ife náà lọ́wọ́ títí ó fi yí padà, tó mu ún.