Bí Wọ́n Ṣe Pa Ìyá Àgbà Nínú Ìwé Eré

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ọ̀gá wa nídìí eré fídíò, ọkùnrin tí kì í ka ìwé eré ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ni mo máa ń kà á kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà, kí n wá ibi tí ìran kan ti ta ko ìran mìíràn. Ọkọ tó jẹ́ awakọ̀ ní ìran kejì á di káfíńtà ní ìran kọkànlá. Tọkọtaya á ṣègbéyàwó lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ wọn á ti pé ọdún mẹ́jọ. Màá fi bírò pupa tún un ṣe.

Lọ́jọ́ yìí, gbogbo òṣèré wà lọ́ọ̀dẹ̀ kan ní àdúgbò Ìlódè, ọ̀la la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ya eré náà. Mo ní, "Ọ̀gá, Yétúndé lẹ sọ ọmọ ní ìran kẹta. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tún ń gbé e jó ní ìran kẹjọ. Ìyá àgbà wo ló kú kí wọ́n tó bí i?" Àwọn òṣèré rẹ́rìn-ín. Mo ní kò le: ẹ jẹ́ ká yí orúkọ ọmọ padà, tàbí kí ẹnì kan kàn sọ pé ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kú.

Ọ̀gá wo arúgbó tó fẹ́ ṣe ìyá àgbà. Ìyá yìí ti bá àwọn eléré orí ìtàgé rìn káàkiri nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti pè é sí eré kẹ́yìn. Ó ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. Ó sọ fún mi láàárọ̀ pé òun ti wí fáwọn ará ilé òun ní Modákẹ́kẹ́ pé wọ́n á gbóhùn òun nínú fídíò kí òun tó kú.

Ọ̀gá ní, "Ẹ pa ìyá àgbà. Kó ti kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Màmá yìí ń falẹ̀ jù."

Ìṣojú ìyá náà ló ti sọ ọ́! Mo bi ọ̀gá pé àṣírí tí ìyá àgbà tú ní ìran kẹjọ ńkọ́, ṣebí orí rẹ̀ ni ìtàn dúró lé. Ó ní kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ. Ìyàwó ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n yẹn. Obìnrin náà ti nawọ́ gba ìwé kí n tó dáhùn. Ọ̀dájú pàdé ọ̀dájú.

Àwọn òṣèré yòókù tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ wọn, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pa tòun náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlà. Ní ìran karùn-ún, "mò ń lọ kí màmá" di "mò ń lọ wo sàréè màmá." Ìyá náà ń wo ọwọ́ mi.

Ọ̀gá tún ronú. Ó ní tí ìyá àgbà bá ti kú, fọ́tò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ògiri pálọ̀. "Màmá, ẹ jókòó, kí wọ́n yà yín."

Ẹni tó wà láàyè, wọ́n ní kó wá ya fọ́tò òkú! Mo rò pé yóò ṣẹ́ èpè. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó jókòó, ó gbójú sókè.

Ó bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, ṣé òkú náà á sọ nǹkan kan?"

"Rárá, màmá. Ẹ panu dé."

Ó panu dé.