Nígbà Tí Ọkọ Fi Ẹnu Ìyàwó Rẹ̀ Dáhùn

Níbi tí a ti ń tẹ ìwé ìròyìn àwọn awakọ̀, obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àtúntò. Bí akọ̀ròyìn bá fi ọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò, tí ẹ̀rọ sì sọ ohùn wọn di ọ̀rọ̀ kíkọ, òun ni yóò sọ ọ́ di ohun tí ojú lè kà. Ohun tí ẹ̀rọ ń kó wá dà bí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹrù sí: aago tó ń sọ ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ìlà, "Olùsọ̀rọ̀ Kìíní", "Olùsọ̀rọ̀ Kejì", ẹn-ẹn níhìn-ín, ẹn-ẹn lọ́hùn-ún, ìdáhùn kan ṣoṣo tó fọ́ wẹ́wẹ́. Yóò yọ aago, yóò so èyí tó fọ́ pọ̀, yóò fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ ìbéèrè, ìdáhùn a sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó máa ń sọ pé, "Ilẹ̀ ni mò ń gbá, n ò kọ́lé."

Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó lọ́ra. Iná ń jó, bébà ń wọ́n, òun jókòó, ó ń fetí sí ikọ́ inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò awakọ̀ obìnrin kan tó fẹ́ fẹ̀yìn tì délẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà bẹ̀ wá. "Gbogbo gáréèjì ló ń sọ pé ọkọ mi ló kọ́ mi ní mọ́tò. Àǹtí mi ni. Ó ti kú, kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹ́ kí wọ́n kà á níwájú mi."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń gbóná. Mo dúró ti Ìyá Àtúntò lórí.

"Ṣebí Olùsọ̀rọ̀ Kìíní ni akọ̀ròyìn? Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di Ìbéèrè, kó sọ Olùsọ̀rọ̀ Kejì di Ìdáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa yí gbogbo rẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹni tó bá kánjú lá ọbẹ̀, ọbẹ̀ á jó o lẹ́nu."

"Ẹ jẹ́ kó jó mi. Ẹ ṣe é."

Ó ṣe é. Ó nu aago kúrò, ó so àwọn ìdáhùn pọ̀, ojú ìwé mọ́ féfé. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan kì í kúrò lọ́wọ́ obìnrin yìí láìjẹ́ pé ẹni méjì kà á sókè, kí ọ̀kan máa bi, kí èkejì máa dáhùn. Akọ̀ròyìn ti jáde, ló bá na ìwé sí mi.

Ó kà á: "Ta ló kọ́ yín ní mọ́tò?"

Mo dáhùn: "Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ìyàwó mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹkún ló ń sun nídìí ọkọ̀. Irọ́ ńlá! Àǹtí mi ni."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó… awakọ̀."

"Àṣé awakọ̀ wa ti fẹ́ ìyàwó! Ìgbà wo lẹ ṣe ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ò pè mí?"

Àṣé ọkọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀, ẹ̀rọ sì ka ohùn àwọn méjèèjì sí ti ẹnì kan. Orí ló yọ wá pé ẹ̀dà ni Ìyá Àtúntò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Kò fọwọ́ kan èyí tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kó wá. Ó ṣí i, ó wo aago tó wà níwájú ìdáhùn náà, ó sáré gbé ohùn lọ síbẹ̀. La bá gbọ́ ohùn baba onígbéraga kan, lẹ́yìn náà ohùn ìyàwó. Ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ dópin, ó sì rí ibi méjì mìíràn tí bàbá ti já wọ inú ọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ gé bàbá kúrò. Ààyè á tún ṣẹ́ kù."

"Tí a bá gé e, ta ni obìnrin yìí ń sọ fún pé irọ́ ni? Akọ̀ròyìn?"

A pe awakọ̀ lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Bàbá mà tún dá sí i! Ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ ṣáà kọ ọ́ síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun ló sọ ọ́."

Ìpolówó táyà kan la yọ kúrò kí ọ̀rọ̀ bàbá lè rí ààyè, ó sì dùn mí. Bí ojú ìwé náà ṣe jáde nìyí:

ÌBÉÈRÈ: Ta ló kọ́ yín ní mọ́tò?

ỌKỌ: Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ìyàwó mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹkún ló ń sun nídìí ọkọ̀.

ÌDÁHÙN: Irọ́ ńlá! Àǹtí mi ni. Ẹ̀yìn ni bàbá yìí jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó di ìjókòó mú, ó ń gbàdúrà.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gáréèjì, awakọ̀ sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ rẹ̀ bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kò sẹ́ni tó tún ń kí i ní olùkọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni, "Bàbá, ẹ kú àdúrà o!"