Ìdáhùn Tí Wọ́n Fún Ìyá Àgbà

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ìbínú pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Awakọ̀ áńbúláǹsì ni mí. Èmi kọ́ ni mò ń gbé fóònù, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá ìpè, níbi tí wọ́n ti ń gba ìpè pàjáwìrì, ni mo máa ń dúró sí pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́ títí wọn á fi rán mi jáde, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn níbẹ̀. Mo sì mọ obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Màmá Èwo là ń pè é. Okùn bàtà ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Etí kan ló máa ń fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí, ó ní etí kejì wà fún àwọn ará yàrá. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ àwọn káfíńtà ló ti ṣiṣẹ́, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kan àga àti tábìlì fún wọn. Ó ní ibẹ̀ lòun ti kọ́gbọ́n. Oníbàárà kan á ní kí wọ́n kan tábìlì fún òun, kò ní sọ bó ṣe ga tó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé, kò kàn pé ni. Ohun tó kù ni kó o bi í, kó o sì pa ẹnu mọ́ kó fúnra rẹ̀ sọ ọ́, torí tó o bá dá iye kan fún un, á ní bẹ́ẹ̀ ni kó lè tètè lọ, ọjọ́ tó bá wá gbé e lo máa tó mọ̀ pé tìẹ lo kàn. Òmíràn á ní kó rí bíi ti ẹ̀gbọ́n òun. Ìyẹn ti sọ gbogbo tẹnu rẹ̀, ó pé lójú tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ò mọ èyí tó ń wí. Tó o bá ní kó tún un sọ, ohun kan náà lá tún sọ, á tún fi ariwo kún un. Ìwọ ni kó o gbé méjì tó o rò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kó nàka sí ọ̀kan. "Èwo nínú rẹ̀?" Ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

Ẹ wá wo Ọ̀gá wa. Nígbà tó dé, ó bá àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń pariwo mọ́ olùpè, inú bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ oògùn tó wá lò fún orí fífọ́, orí ló gé. Ó tẹ páálí pélébé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo tábìlì: bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọ, sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ." Ìdáhùn kan fún gbogbo nǹkan. Màmá Èwo bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù pé ìyẹn dára bí ẹ̀rọ bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu olùpè, tí etí ò gbọ́, pé kò dára fún gbogbo ìgbà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìwà ọmọlúàbí lòun ń kọ́ wa.

Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Èwo là ń pè ní Ohùn-Iyọ̀. Ó ti ka ìròyìn lórí rédíò rí, ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn olùpè kan máa ń gbàgbé ohun tó ń ṣe wọ́n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òwe tó fẹ́ràn jù ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Nígbà tó bá ti pa á, Màmá Èwo á dáhùn pé òwe ilé nìyẹn, kì í ṣe òwe yàrá yìí. "Odidi tó bá dé inú rẹ, tìẹ ni," ló máa ń wí fún un.

Ọ̀sán gangan ni ìpè tó fa ìbínú mi wọlé. Màmá Èwo ò tíì dé fún iṣẹ́ ọ̀sán. Ìyá àgbà kan ni, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń rọbí. Wọ́n padà gbé ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ sí etí gbogbo wa nígbà ìpàdé tá a ṣe lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á sórí.

Ìyá náà ní, "Ọmọ ti ń jáde o, ẹ gbà wá." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló ti jáde lára ọmọ? Ó kù síbẹ̀. Ohùn-Iyọ̀ sì fi tiẹ̀ dí àyè náà, ó ní, "Ṣé orí ọmọ ti ń hàn?" Ta ni ẹ̀rù á bà tí ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn-Iyọ̀ wá ní kí obìnrin náà máa ti ọmọ jáde.

Ó bi í níbi tí wọ́n wà. Ìyá ní ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ó pé, àbí? Kò sí ohun tó kù nínú ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé búrẹ́dì méjì ló wà nílùú wa, ẹnì kan náà ló ni wọ́n, ọ̀dà pupa kan náà ló fi kùn wọ́n, afárá òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, afárá ìsàlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí la mọ̀ pé méjì ni. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn ọ̀kan, ọ̀kan yẹn nìkan ló wà láyé lójú tiẹ̀. Ohùn-Iyọ̀ mọ̀ pé wọ́n jẹ́ méjì, mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́ díẹ̀ nínú ohùn náà. Ó wá wo páálí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ." Ìyá tún un sọ, ohùn rẹ̀ ròkè. "Ẹ tún un sọ, Màmá, kó yé mi." Ó tún fi ẹkún sọ ọ́, ó fi ọ̀dà pupa kún un. Ọ̀dà pupa! Fóònù rẹ̀ sì já.

Wọ́n rán mi lọ sí afárá òkè torí òun ló sún mọ́ wa. Mo dé ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, mo kan gbogbo ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan tó ń fá irùngbọ̀n jáde wá bi mí bóyá orí mi pé. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí a fi ń gbé aláìsàn lọ́wọ́, ojú tì mí, inú sì ń bí mi.

Ìgbà tí ìyá náà pè lẹ́ẹ̀kejì, Màmá Èwo ń bọ́ kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ tí ìyá ń pariwo ọmọ àti ilé búrẹ́dì, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ohùn-Iyọ̀ láìjókòó.

"Màmá, ilé búrẹ́dì méjì la ní. Tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, ojú irin rélùwéè lẹ ń rí ni, àbí ilé epo?"

"Ojú irin."

Ó parí. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Màmá Èwo wá ní, "Kí ló ti jáde lára ọmọ? Ẹ wò ó, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi." Ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ nínú ohùn náà débi pé ẹ óò gbọ́ mímí ìyá àgbà bó ti ń bẹ̀rẹ̀ wò.

"Kì í ṣe orí o. Okùn ni. Okùn ìwọ́."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Okùn tó ń gbé ẹ̀mí wá fún ọmọ ló ṣáájú, ara ọmọ sì ń tẹ̀ ẹ́ pa. Àtìjáde tí wọ́n ní kó máa tì, ṣe ló ń fún ọmọ náà lọ́rùn. Màmá Èwo ní kí obìnrin náà má tì mọ́, kó kúnlẹ̀, kó fi àyà lélẹ̀, kó gbé ìdí sókè, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan okùn náà, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n má tì í padà. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ọkọ̀: afárá ìsàlẹ̀, èyí tó kọjú sí ojú irin, okùn ló ṣáájú. Ó ní kí n sọ ọ́ padà fún òun. Mo sọ ọ́ padà, mo sì fi ọkọ̀ náà sáré bí ẹni tí wọ́n lé.

Mo bá obìnrin náà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá àgbà dì í lédìí mú. A gbé wọn dé ọsibítù. Ìyá ọmọ yè. Ọmọ kò yè. Dókítà ní ká ní a tètè dé ni.

Ní ìpàdé, Ọ̀gá ti kọ ohun tí gbogbo wa máa fọwọ́ sí: olùpè kò ṣàlàyé dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ohùn náà sí i tán ló gbé bébà yìí fún wa, láìmira. Ohùn-Iyọ̀ ń sunkún. Ó ní òun lòun ṣe é, òun ò ní fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, mo sì dárí jì í níbẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n má da ọ̀rọ̀ rú, pé òun tiẹ̀ ti bá ọmọkùnrin ìyá àgbà náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

Ibi tá a wà nìyẹn tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ìyá àgbà náà ni, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Èmi nìkan ló dá a mọ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín yàrá, obìnrin tó tó ìyá gbogbo wa. Ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ ni, pé òun ò kàwé, òun ò mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní ọmọ òun ti sọ fún òun pé ẹnu òun ló pa ọmọ àwọn, kò sì bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá ti sọ?"

Màmá Èwo ló gbé e dìde, ó fi í sórí àga tiẹ̀.

"Kò sí, Màmá. Gbogbo ohun tí a bi yín lẹ dáhùn. Àwa la ò mọ̀ ọ́n bi."

Ó gba nọ́ńbà ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ ìyá, ó tẹ̀ ẹ́, ó na ẹ̀rọ sí Ọ̀gá. Ó ní ẹni tó sọ tàkọ́kọ́ ni kó sọ èkejì. Mi ò rò pé Ọ̀gá á gbà á. Ó gbà á, bóyá torí pé gbogbo wa ti dìde dúró ni. Ọmọkùnrin náà ti ń ní hẹ́lò.

Ọ̀gá ní òun ń pè láti yàrá ìpè. Ó ní, nípa ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀.

"Kò tíì pé," ni Màmá Èwo wí. "Ta ló ṣe é?"

Ẹ̀rọ ṣì wà létí Ọ̀gá. Màmá Èwo kò sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó kàn ń wò ó, bó ṣe dákẹ́ tó ń dúró de ìyá àgbà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá ń wò ó. Gbogbo wa ń wò ó.

"Àwa ni," ni Ọ̀gá wí sínú fóònù. "Màmá yín sọ̀rọ̀ dáadáa."